Ìbéèrè Tí Tíṣà Kí-ló-dé Kò Bèèrè

Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò yẹ kí Tíṣà Ambrose Ògúntúndé ṣìnà láyé rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí kì í bèèrè. Bó bá pàdé àlejò lójú pópó Òmù-Àrán, yóò kí i, yóò sì tẹ́tí sí bí onítọ̀hún ṣe dáhùn, kó lè mọ̀ bóyá ọmọ Bàbáńlá ni àbí ọmọ Omùpo. Ìgbómìnà ni gbogbo wa ń sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń fa tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga níbì kan, yóò dúró létí kànga náà títí omi yóò fi yọ. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí òun bá sín lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ òun á fẹ́ mọ ohun tó fa èkíní, á sì tún fẹ́ mọ ìdí tí èkejì fi tẹ̀ lé e.

Àti kékeré ló ti wà lára rẹ̀. Òwu-Ìsin ni wọ́n bí i sí, inú ìdílé àgbẹ̀ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí kò tíì ju ọmọ tí ń ru ìwé fún olùkọ́ lọ, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Èsìẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta. Ọmọ náà wò wọ́n títí, ó bèèrè ẹni tó gbẹ́ wọn. Bàbá ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní ta ni wọ́n kọ́kọ́ bi tí kò mọ̀? Bàbá ra àkàrà fún un kó lè pa ẹnu mọ́. Ó jẹ àkàrà náà tán, ó ń nu epo lẹ́nu, ó tún bi í léèrè pé ṣé àwọn tó gbẹ́ wọn kò bímọ ni, tí ọmọ wọn ì bá fi sọ fún wa.

Bó ṣe dàgbà nìyẹn. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, Ìpínlẹ̀ Kwara kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n dá a sílẹ̀, oṣù Kínní sì ni ilé ìwé ń wọlé ọdún tuntun. Ambrose ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan tí ìjọ dá sílẹ̀, òun náà ló sì ń mójú tó ìdánwò. Òun ló ń to àtẹ ìdánwò, òun ló ń to àga, òun ló ń gba ìwé ìdáhùn lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, òun ló sì ń pa máàkì mọ́ títí kọmítì yóò fi jókòó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fún un lórúkọ: Tíṣà Kí-ló-dé. Ó mọ̀ pé orúkọ òun nìyẹn. Ó ti bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, wọn kò sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bà á jẹ́ lójú ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ìdánwò ìparí ọdún. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo èèyàn ti ń bó. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ó ka àwọn ọmọ ọdún kejì, àga kan ṣófo. Ti Eunice Ọlábọ̀wálé ni, ọmọbìnrin Èsìẹ́ kan tó ṣe ìdánwò yòókù pé, tí kì í sì í pariwo. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, ẹni tí kò bá ṣe Ìṣirò kò lè gòkè sí ọdún kẹta, ẹni tí kò bá sì gòkè, ìrànwọ́ tí ìjọba fi ń rán an níwèé yóò dúró. Bàbá Eunice wà ní Èkó, Eunice àti ìyá rẹ̀ àgbà ni wọ́n jọ ń gbé ní Èsìẹ́. Bí ìrànwọ́ bá dúró, ilé ló ń lọ yẹn. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mìsísì Janet, olùkọ́ tó ń tọ́jú họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọbìnrin, mú àpòòwé kan wá sí yàrá àwọn olùkọ́. Ìwé méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti Eunice fúnra rẹ̀. Ó ń tọrọ àforíjì pé òun kò sí níbi ìdánwò Ìṣirò, ó ní iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti dá ọjọ́ rẹ̀ tipẹ́ ni wọ́n ṣe fún òun lọ́jọ́ náà, ó sì ń bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fún òun ní ọjọ́ mìíràn kí òun lè ṣe ìdánwò náà. Ó fi kún un pé àwọn ará ilé òun ti wá fi tó kọ́lẹ́ẹ̀jì létí ṣáájú. Èkejì jẹ́ ìwé dókítà láti ilé ìwòsàn ìjọ, orúkọ ọmọ náà wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tó wọlé wà níbẹ̀, ọjọ́ tó jáde wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ìsinmi rẹ̀ yóò parí nínú oṣù Kínní náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ dókítà àti òǹtẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti là sílẹ̀ ni, kò sì lè jókòó ṣe ìdánwò lásìkò náà.

Ambrose kà á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà kò sọ ohun tí wọ́n gé.

Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Níbo lára? Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó lágbára ju ìwọ̀nyẹn lọ. Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ náà tipẹ́, ta ló wá sọ? Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí àìsàn bá kì mọ́lẹ̀ lójijì lè mú ìwé wá lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ọjọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ní wọ́n wá sọ. Ambrose bi Mìsísì Janet, ó ní kò sẹ́ni tó wá bá òun. Ó bi akọ̀wé, akọ̀wé ní òun kò rí ẹnìkan. Ó bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ìyẹn ní àwọn òbí tó wọlé lóṣù náà pọ̀ ju ìrùngbọ̀n òun lọ. Ó wọlé tọ Ọ̀gá Ignatius, tí í ṣe pírínsípà. Ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó dé ọ́fíìsì òun lórí ọ̀rọ̀ náà.

Bí kò bá sí ẹni tí wọ́n sọ fún, a jẹ́ pé ọmọ náà purọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n po sínú omi nìyẹn. Ọmọbìnrin, iṣẹ́ abẹ, dókítà tí kò sọ ibi tí wọ́n gé. Ní ọjọ́ kejì, ẹnìkan ti ń wí nínú yàrá àwọn olùkọ́ pé ohun tó fà á dá òun lójú. Kò sọ orúkọ oyún tààrà, ó ní "nǹkan àwọn obìnrin," ó sì mi orí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ ni wọ́n wà, wọn kì í gba irú rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá Ignatius ní kọmítì ìdánwò yóò jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní kí Ambrose lọ wádìí, kí ó mọ̀ bóyá ìwé náà jẹ́ òótọ́, kí ó sì mọ ẹni tí wọ́n ní àwọn wá bá.

Ẹ ò rí i bí ènìyàn ṣe ń rí iṣẹ́ tó bá a lára mu. Àfi bí ẹni pé wọ́n ní kí ewúrẹ́ lọ ṣọ́ iṣu.

Ó gun alùpùpù rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, eruku ọyẹ́ fọ́n sí i lára títí irun rẹ̀ fi pọ́n. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n darí rẹ̀ sọ́dọ̀ Sístà Àyìsátù, àgbà nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn obìnrin. Ó fi ìwé pírínsípà hàn án, ó sì na ìwé dókítà sí i. Sístà wò ó, ó wọlé lọ, ó jáde, ó ní òótọ́ ni, ọwọ́ dókítà wọn ni, òǹtẹ̀ wọn ni, ọjọ́ náà pé. Ambrose bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ti dá ọjọ́. Ó ní nígbà òjò ni. Ó ṣàlàyé fún un pé dókítà tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kì í gbé ọ̀dọ̀ wọn, láti Ìlọrin ló ti ń wá lóòrèkóòrè, bí ọmọ náà bá sì fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀, yóò di ẹ̀yìn Àjíǹde kó tó tún kàn án.

Ambrose dúpẹ́. Kò dìde. Ó ní ọyẹ́ ọdún yìí mà le o. Sístà ní ó le. Ó ní ṣé apẹ́ńdíìsì sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn báyìí? Sístà ní ó wà. Ó ní àbí kókó ọrùn ni, ó ní òun gbọ́ pé ó ń yọ àwọn ọmọbìnrin lẹ́nu. Sístà Àyìsátù gbé ojú sókè wò ó. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni, ọmọ àdúgbò Ìlọrin, ó fi ìbòrí funfun wé orí rẹ̀ mọ́ra.

"Tíṣà," ó ní, "mo ní àbúrò kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, ọdún kìíní ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó gbà nínú Ìṣirò?"

"Hà, Sístà, mi ò lè sọ. Kọmítì kò tíì jókòó."

"Ẹ mọ̀ ọ́n àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Èmi náà mọ ohun tí wọ́n gé," Sístà wí, ó sì dá ìwé dókítà padà fún un. "Ohun tí ìwé yìí sọ ni mo lè jẹ́rìí sí. Ọmọ náà ti lọ sílé ní Èsìẹ́. Ẹ kí wọn fún mi."

Ambrose jáde sínú oòrùn. Ojú tì í díẹ̀, ẹ̀rín sì ń pa á díẹ̀. Ó rò ó bó ti ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ, ó rí i pé obìnrin náà jàre. Òun kì í sọ máàkì fún ẹnikẹ́ni, pàápàá fún àwọn àgbà ìjọ tó ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Kò tíì rò ó rí pé ẹlòmíràn lè ní irú ohun tó ń pa mọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n rán an ṣì kù. Ìwé jẹ́ òótọ́, ó yé e. Ta ni wọ́n bá sọ ọ́?

Ní Èsìẹ́, kò ṣòro láti rí ilé náà, gbogbo ènìyàn ló mọ Ìyá Rúùtù, ìyá Eunice àgbà, tí í ṣe àgbà obìnrin nínú ẹgbẹ́ àdúrà. Ó bá a níwájú ilé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ti tọ́, ó sì kí i. Ìyá gbé ojú sókè. Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Tíṣà Ambrose ti dúró. Ó mọ ojú yẹn. Ó mọ gèlè aláwọ̀ ewé yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò ni. Ó wà nínú gbọ̀ngàn, ó ń fi ẹfun sàmì sílẹ̀ fún ibi tí àga kọ̀ọ̀kan yóò wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá a gbé àga ń gbé e sí ibi tí kò ní kí wọ́n gbé e sí. Ìyá kan wọlé pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ewé. Ó kúnlẹ̀ kí i, Ambrose sáré ní kó dìde. Ìyá ní ọmọ àwọn kò ní lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìdánwò máa parí, ó ní kó jọ̀wọ́ bá àwọn wá ọjọ́ mìíràn fún un.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí oṣù yẹn ṣe rí kí ẹ má baà dá Ambrose lẹ́bi jù. Ìgbà náà gan-an ni àwọn ará wa tó wà ní Èkó ń bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálé. Wọ́n á fẹ́ ṣe ìrántí bàbá, wọ́n á fẹ́ ṣí ilé tuntun, wọ́n á fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á kó sí ìparí ọdún, wọ́n á sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ wà níbẹ̀ kí àwòrán lè kún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, òbí bíi mélòó kan ti wá tọrọ ọmọ wọn lọ́wọ́ Ambrose nítorí ìnáwó. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà títí ó fi ń jáde lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò dúró kí ọ̀rọ̀ ìyá náà balẹ̀.

"Màmá," ó ní, "kò sí ilé tí kò ní ìnáwó. Ìdánwò kì í dúró de ẹnìkan."

Ìyá náà wò ó. Ó ní, "Ó dáa, Tíṣà. Ẹ ṣáà ti gbọ́." Ó jáde lọ. Ambrose tún tẹ̀ ba pẹ̀lú ẹfun rẹ̀. Kò bi í pé ìnáwó kí ni. Kò bi í ní orúkọ ọmọ. Ẹni tó máa ń bi àlejò léèrè orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà, kò bèèrè nǹkankan.

Gbogbo èyí padà wá sí orí rẹ̀ níwájú ilé náà ní Èsìẹ́, ó sì wá ibi jókòó. Ìyá Rúùtù mú àga fún un, ó ní kí wọ́n fún un lómi. Kò bínú. Ó ní òun rò pé ó ti gbọ́ ni, òun sì ti sọ fún Eunice pé òun ti bá wọn sọ̀rọ̀, kó fọkàn balẹ̀.

Ambrose bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé kí ló dé tí ìyá kò sọ fún òun pé iṣẹ́ abẹ ni. Ìyá wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò mọ nǹkan. Ó ní ní ilé àwọn, bí ọmọ bá fẹ́ lọ sábẹ́ ọ̀bẹ, wọn kì í fi ẹnu pè é kó tó lọ. Wọn kì í dárúkọ ọ̀bẹ, wọn kì í dárúkọ ibi tí yóò kàn. Ìgbà tó bá padà wọlé tó sì jẹun lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n tó lè sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí òun fi kọ̀ fún Eunice láti kọ ìwé ṣáájú, tí òun fi ní òun fúnra òun ni yóò lọ. Ó ní kì í ṣe pé òun kò gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run, ẹgbẹ́ àdúrà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú jẹ́ nǹkan.

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí," Ìyá Rúùtù wí. "Mo rò pé bó bá dé inú yín, á di odindi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ambrose lára. Kì í ṣe pé ìyá náà bú u. Ìbá sàn bó bá bú u. Ó rí Eunice bó ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, ojú rẹ̀ sì ń bèèrè ohun kan ṣoṣo. Ambrose yára na ọwọ́ sí i. Ó ní kó dìde, kó má ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ó ní kọmítì yóò jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó kọ́kọ́ gbàgbé láti yí kọ́kọ́rọ́ alùpùpù nígbà tó fẹ́ máa lọ.

Ní gbogbo ọ̀nà padà, nǹkan méjì ló ń bá a jà. Ó lè dákẹ́. Ìwé dókítà jẹ́ òótọ́, yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹni tí wọ́n wá bá, ó lè ní òun kò rí i dájú, ìyá arúgbó kan ní òun wá, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Òun nìkan ló mọ̀. Bó bá dákẹ́, kọmítì yóò ní ọmọ náà kò sọ tẹ́lẹ̀, òfin ni òfin, yóò sì tún ọdún kejì ṣe bó bá rí ẹni san owó rẹ̀. Bó bá sì sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé ẹni tó ń mójú tó ìdánwò ni òbí wá bá, tó sì lé òbí lọ láìbèèrè orúkọ ọmọ. Ọ̀gá Ignatius kò sì fẹ́ràn irú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì pírínsípà, àwọn mẹ́rin: Ọ̀gá Ignatius, Mìsísì Janet, olùkọ́ kíláàsì Eunice, àti Ambrose. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìwé dókítà, ó ní ilé ìwòsàn jẹ́rìí sí i. Ọ̀gá ní ó dáa, ẹni tí wọ́n wá bá ńkọ́? Ambrose tún ìwé tó wà níwájú rẹ̀ tò.

"Èmi ni, sà," ó ní. "Ìyá rẹ̀ àgbà wá bá mi nínú gbọ̀ngàn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ìnáwó ni. Mi ò bèèrè."

Olùkọ́ kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Kódà Ọ̀gá Ignatius, tí kì í rẹ́rìn-ín lórí òfin, bi í pé, "Ìwọ, Ògúntúndé? O kò bèèrè?" Ambrose ní òun kò bèèrè. Ojú rẹ̀ gbóná bí ẹni tó dúró ti iná. Ọ̀gá bá a wí dáadáa níwájú gbogbo wọn, ó ní òbí tó bá dé iwájú aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló dé iwájú rẹ̀, ó sì yẹ kí ó rán an wá sí ọ́fíìsì. Ambrose gbà.

Mìsísì Janet wá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún ọmọ náà ní ọjọ́, ó yẹ kí àwọn mọ ohun tí wọ́n gé lára rẹ̀, nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Gbogbo wọn yíjú sí Ambrose. Bí ẹnìkan bá máa mọ̀, òun ni.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ìwé náà sọ ọjọ́ tí kò fi lè ṣe ìdánwò, ó sì sọ ọjọ́ tó lè ṣe é. Ohun tí a nílò nìyẹn. Ìyókù kì í ṣe tiwa."

Ọ̀gá Ignatius wò ó pẹ́. Ó ní òótọ́ ni. Ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun sísọ nǹkan tí wọn kò rí nínú yàrá àwọn olùkọ́. Wọ́n fẹnu kò pé Eunice yóò ṣe Ìṣirò lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi tí dókítà kọ, kí ilé ìwé tó wọlé, kí máàkì rẹ̀ lè bá ti àwọn yòókù jáde. Ambrose yóò ṣe ìbéèrè tuntun, nítorí ìwé ìbéèrè ti tẹ́lẹ̀ ti wà káàkiri họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn kan ti fi di ẹ̀pà. Ọ̀gá tún ní kí wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ògiri: akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwòsàn bá dá ọjọ́ fún, kó mú ìwé dókítà wá nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, kò pọndandan kí ó sọ àìsàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ambrose ló kọ ìkéde náà. Ó rò ó pé irú èyí, Ìyá Rúùtù pàápàá á gbà kí ọmọ rẹ̀ mú un wá, nítorí kò sẹ́ni tó ní láti fi ẹnu pe ọ̀bẹ.

Ní oṣù Kínní, Eunice jókòó nìkan nínú gbọ̀ngàn ńlá náà, Ambrose sì jókòó níwájú. Ọmọ náà ṣe é láìgbé ojú sókè. Ní àárín rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì mí. Ọ̀tún ni àbí òsì? Ambrose yára yíjú sí fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àgùntàn tó wà lórí pápá bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìyẹn le fún un ju gbogbo ohun tó ti ṣe lọ́dún yẹn.

Ó yege. Kì í ṣe pé ó ṣe é tán, ìbéèrè kan nípa àgbá omi dà á láàmú, ṣùgbọ́n ó yege dáadáa. Orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri pẹ̀lú ti àwọn yòókù, kò sí àmì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wọ ọdún kẹta.

Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn náà, Ìyá Rúùtù dé ilé Ambrose ní Òmù-Àrán pẹ̀lú iṣu àti ọsàn. Ó jókòó, ó mu omi, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì fa àga súnmọ́ Ambrose. Ó ní ọmọ àwọn ti padà wọlé, ó ti jẹun lọ́wọ́ òun, ara rẹ̀ sì ti le. Ó ní ó ti tó àkókò báyìí láti sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ju Tíṣà lọ.

"Ohun tí wọ́n yọ lára ọmọ yìí," ó bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó Ambrose dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ambrose gbé ọwọ́ sókè. Láti ọjọ́ tí ìwé yẹn ti dé, kò sí ọjọ́ kan tí ìbéèrè náà kò wá bá a, lórí bẹ́ẹ̀dì, lójú ọ̀nà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wù ú láti gbọ́ débi pé eyín rẹ̀ ń dùn ún.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó ní. "Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Ara ọmọ náà ni. Bó bá wù ú lọ́jọ́ kan, kí òun fúnra rẹ̀ sọ."

Ìyá Rúùtù wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àgbà tó ń mi gbogbo èjìká, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Tíṣà, ẹ kúkú ṣòroó tẹ́ lọ́rùn," ó ní. "Ọjọ́ tí mo wá kí ẹ bi mí, ẹ ò bi mí. Ọjọ́ tí mo wá sọ ọ́ láìbi, ẹ ò fẹ́ gbọ́."

Ambrose ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó bá wọn gbé apẹ̀rẹ̀ wọn dé ìdí mọ́tò, ó sì dúró níbẹ̀ títí mọ́tò Èsìẹ́ fi kún. Eunice di olùkọ́, ó ti kọ́ ọmọ púpọ̀ ní agbègbè wa, òun àti Tíṣà a sì máa pàdé níbi ìpàdé àwọn olùkọ́. Kò tíì sọ ọ́. Ambrose kò tíì bèèrè.